Ìlà ń hàn láàárín táìlì, sipuráìtì sì ń ṣe bàìbàì nígbà tí gémù bá kún sikirínì

Ọmọ Ìyàrà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí. Mo ń ṣe gémù kékeré kan nínú Godot 4. Ọmọ kan ló ń rìn láti Ìyàrà lọ sí Kàbà, tó ń já kọfí lójú ọ̀nà, tó sì ń sá fún màlúù. Táìlì 16×16 ni mo fi yàwòrán ilẹ̀, gbogbo ojú gémù náà sì jẹ́ 320×180.

Nínú fèrèsé kékeré, gbogbo rẹ̀ mọ́ lójú. Àmọ́ bí mo bá jẹ́ kó kún láptọ̀ọ̀pù mi, 1366×768, ojú ọmọ náà á di bàìbàì bí ẹni tí a ń wò nínú ọyẹ́. Èkejì ló ń dùn mí jù: ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń yọ láàárín koríko kan àti èkejì, pàápàá tí kámẹ́rà bá ń tẹ̀lé ọmọ náà. Mo gbé e sórí fóònù tí sikirínì rẹ̀ jẹ́ 1600×720, ìlà yẹn tẹ̀lé mi débẹ̀.

Bí sẹ́tìnì mi ṣe rí nìyí:

```
Viewport Width: 320
Viewport Height: 180
Stretch > Mode: canvas_items
Stretch > Aspect: keep
Stretch > Scale Mode: fractional
Default Texture Filter: Linear
Use Texture Padding: Off
```

Yàgbà Kékeré

Ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Fílítà ni. Tẹ àwòrán rẹ, lọ sí `Import`, yọ àmì kúrò lára `Filter`, kí o tẹ `Reimport`. Ìṣòro parí.

Ọmọ Ìyàrà

Ẹ ṣé. Mo dé `Import`, n kò rí ohunkóhun tó ń jẹ́ `Filter` níbẹ̀.

Oníṣọ́ọ̀bù Fóònù

Àbúrò, fóònù wo ni? Tí ìlà bá ti ń yọ lójú fóònù, sikirínì ló ń kú lọ. Mò ń tún fóònù ṣe, mo máa ń rí i lójoojúmọ́. Ìlà kan á kọ́kọ́ yọ, ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò di méjì, kó tó di pé gbogbo rẹ̀ funfun. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Ìyàrà

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Bí mo bá jáde kúrò nínú gémù, ìlà náà kò sí mọ́. Ó sì wà lórí láptọ̀ọ̀pù náà.

Kóòdù Owé

Ọ̀kun o. Ibi tí Yàgbà Kékeré ní kó o lọ, Godot 3 ló wà fún. Nínú Godot 4, wọ́n ti gbé fílítà kúrò lára àwòrán, wọ́n gbé e sára nóòdù. Lọ sí `Project Settings`, kí o wá `Rendering > Textures > Canvas Textures > Default Texture Filter`, kí o sọ ọ́ di `Nearest`. Nóòdù tí `Texture > Filter` rẹ̀ bá wà ní `Inherit` á tẹ̀lé e. Èyí tí o bá ti fi ọwọ́ ara rẹ yàn ní `Linear` tẹ́lẹ̀ kò ní tẹ̀lé, nítorí náà wo nóòdù ọmọ náà fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní tán gbogbo rẹ̀. Ó dà bíi pé ìṣòro mẹ́ta ló wé mọ́ra níwájú rẹ. Ṣe ti fílítà ná, kí o wá sọ ohun tó kù fún wa. Má fọwọ́ kan sẹ́tìnì mìíràn o, kí a lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Ọmọ Ìyàrà

Mo ti ṣe é. Bàìbàì ti lọ. Lóòótọ́ ni mo ti yan `Linear` sára ọmọ náà láti ọjọ́ pípẹ́, mo sì ti dá a padà sí `Inherit`.

Ohun méjì ló kù. Lórí láptọ̀ọ̀pù, ojú ọmọ náà kò dọ́gba mọ́: ojú ọ̀tún sanra ju ti òsì lọ, bó bá sì ṣí ẹsẹ̀ díẹ̀, ti òsì á wá sanra. Ìlà àárín táìlì ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ ó ti tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń yọ, ó ń pamọ́ bí kámẹ́rà ṣe ń rìn. Bí mo bá dúró, nígbà mìíràn kò sí.

Yàgbà Kékeré

Mo ṣá sọ pé fílítà ni, ẹ ò rí i pé bàìbàì ti lọ? Ìlà tó kù, fi `Snap 2D Transforms to Pixel` sí i, yóò lọ.

Kóòdù Owé

Ó lè lọ, ó sì lè máà lọ, nítorí a kò tíì mọ irú ìlà tó jẹ́. Oríṣi méjì ló wà, wọ́n sì jọra lójú. Ọ̀kan ni àlàfo gidi: táìlì méjì kò kan ara wọn, ohun tó wà lẹ́yìn wọn ló ń yọjú. Èkejì kì í ṣe àlàfo rárá. Táìlì kan ara wọn dáadáa, ṣùgbọ́n etí ọ̀kan nínú wọn ti lọ mú àwọ̀ láti ara táìlì mìíràn tó bá a gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ṣíìtì. Àwọ̀ ló ń jò wọlé. Oògùn ti àkọ́kọ́ kì í wo ti èkejì.

Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ kò gba àkókò. Lọ sí `Rendering > Environment > Default Clear Color`, kí o fi àwọ̀ tí kò sí níbikíbi nínú gémù rẹ sí i, bí àwọ̀ àlùkò tó ń kọ mànà. Rìn káàkiri, kí o wo àwọ̀ ìlà náà. Tó bá di àwọ̀ tuntun yẹn, ẹ̀yìn ló ń yọjú. Tó bá dúró ní àwọ̀ tó wà tẹ́lẹ̀, wo ṣíìtì rẹ, kí o wo táìlì tó ní àwọ̀ yẹn. Ó dá mi lójú pé ẹ̀gbẹ́ koríko ni wàá ti bá a.

Ayàwòrán Mọ̀pà

Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Èmi kì í kọ kóòdù, àwòrán ni mo ń yà fún àwọn tó ń kọ ọ́. Tèmi náà máa ń ṣe bàìbàì, ibi tí mo ti bá a ni pé mo ń fi JPEG ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. JPEG máa ń ba etí àwọ̀ jẹ́, kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ rárá. Bó o bá sún mọ́ ọn, wàá rí ìdọ̀tí yíká gbogbo ìlà dúdú. Láti ìgbà tí mo ti ń fi PNG ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, ó ti mọ́. Ọmọ Ìyàrà, irú fáìlì wo ni tìẹ?

Ọmọ Ìyàrà

PNG ni tèmi, àǹtí. Ẹ ṣé.

Kóòdù Owé, mo ti yí àwọ̀ ẹ̀yìn padà. Ìlà àárín koríko kò yí, àwọ̀ erùpẹ̀ pupa ló ní. Mo wo ṣíìtì: táìlì ojú ọ̀nà gan-an ló wà lápá ọ̀tún koríko! Ṣùgbọ́n ìlà kan wà lára ilé, láàárín òrùlé àti ògiri, ìyẹn ti di àwọ̀ tuntun. Èmi kò tiẹ̀ kà á sí tẹ́lẹ̀ torí dúdú ló jẹ́, mo rò pé òjìji ni.

Kóòdù Owé

Ó dára, oríṣi méjèèjì lo ní. Jẹ́ ká mú koríko ná.

Nígbà tí sikirínì bá fẹ́ kun táìlì kan, píksẹ́lì sikirínì kọ̀ọ̀kan á lọ béèrè lọ́wọ́ ṣíìtì pé, "àwọ̀ wo ni mo gbọ́dọ̀ gbé?" Ní `Linear`, kì í béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, ó máa ń pò àwọ̀ àwọn tó yí ojú ibẹ̀ ká pọ̀. Bó bá ti wà ní ìdajì píksẹ́lì àwòrán sí etí táìlì, apá kan àwọ̀ tó ń pò á ti ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lódìkejì wá, ìyẹn ojú ọ̀nà rẹ. O ń fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po mẹ́rin ó lé, nítorí náà ìdajì píksẹ́lì àwòrán tó bíi píksẹ́lì sikirínì méjì. Ìdí nìyẹn tí ìlà fi nípọn nígbà tí o wà ní `Linear`.

Ní `Nearest`, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, kì í pò ó. Ó yẹ kí ìlà tán nígbà náà. Àmọ́ bí kámẹ́rà bá dúró sí ibi tí kì í ṣe odidi, ìbéèrè ẹni tó wà létí gan-an lè bọ́ sórí ààlà táìlì méjì. Ìṣirò dẹ́símà inú ẹ̀rọ kò péye dé ibẹ̀. Àṣìṣe bíńtín á tì í sódì kejì, yóò sì mú erùpẹ̀ wá dípò koríko. Kámẹ́rà ṣí díẹ̀, ó padà sí ọ̀dọ̀ koríko. Ohun tó ń jẹ́ kó máa yọ kó máa pamọ́ nìyẹn.

Wá sọ fún mi: ta ló ní kó o pa `Use Texture Padding`? Bí ó ṣe máa ń wà ní Godot ni pé ó ṣí sílẹ̀.

Ọmọ Ìyàrà

Mo rí i nínú fídíò kan pé ó ń jẹ rámù, mo sì ń ro ti àwọn fóònù kéékèèké.

Kóòdù Owé

Ohun tó ń jẹ kò tó nǹkan. Ó kàn ń ṣe ẹ̀dà ṣíìtì rẹ níkọ̀kọ̀, ó sì fi ìgbátí píksẹ́lì kan yí táìlì kọ̀ọ̀kan ká. Àwọ̀ etí táìlì náà fúnra rẹ̀ ló fi ṣe ìgbátí yẹn. Bí ìbéèrè bá ṣìnà sódì kejì, koríko náà ni yóò bá níbẹ̀. Táìlì 16×16 di 18×18. Ṣíìtì tó jẹ́ táìlì 8 ní ìbú àti 8 ní òró, 128×128, á di 144×144. Kò sí fóònù tí ìyẹn yóò pa. Ṣí `TileSet`, tẹ ṣíìtì náà, kí o dá a padà.

Fún ẹni tí kò lo Godot, tàbí tó ń fi kóòdù ara rẹ̀ gé ṣíìtì: ọwọ́ lo máa fi ṣe ìgbátí náà, kí o sì sọ fún ẹ́ńjìnì pé `Margins` jẹ́ 1, `Separation` jẹ́ 2. Ẹ má kàn fi àyè òfìfo sílẹ̀ láàárín táìlì o. Mo ti rí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí àyè náà bá jẹ́ òfìfo, ohun tí kò ní àwọ̀ ni etí yóò lọ mú wá, ìlà á yọ padà. Àyẹ̀wò tí mo ní kó o ṣe yóò wá tàn ọ́, nítorí àwọ̀ ẹ̀yìn ni yóò hàn, wàá rò pé àlàfo ni.

Ọmọ Ìyàrà

Ọ̀gá mi! Ìlà koríko ti lọ pátápátá, lórí láptọ̀ọ̀pù àti lórí fóònù. Ó ku ilé àti ojú tó ń sanra.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé mo dá sí i. Tèmi kì í ṣe Godot, inú bùráúsà ni mo ti ń fi JavaScript ṣe é, lórí `canvas`. Mo kọ `imageSmoothingEnabled = false`, ó ṣiṣẹ́, àwòrán mọ́. Bí mo bá wá yí fóònù sí ìbú, ohun gbogbo á di bàìbàì padà.

Kóòdù Owé

Ọmọ Ìsánlú, bó o bá ti yí `width` tàbí `height` ti `canvas` padà, gbogbo sẹ́tìnì tí o fún `ctx` ló ń padà sí ìbẹ̀rẹ̀, èyí náà sì wà lára wọn. Kọ ọ́ sínú ibi tí o ti ń ṣe ìtóbi, lẹ́yìn ìlà tó yí i padà:

```js
canvas.width = 320 * n;
canvas.height = 180 * n;
ctx.imageSmoothingEnabled = false;
```

`n` gbọ́dọ̀ jẹ́ odidi. Bí CSS bá tún ń fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, fi `image-rendering: pixelated` sí i.

Ọmọ Ìyàrà, ilé wá kàn. Báwo lo ṣe to òrùlé àti ògiri? Sọ ìtóbi wọn àti `Position` wọn.

Ọmọ Ìyàrà

`Sprite2D` méjì ni. Òrùlé jẹ́ 48×21, ó wà ní y = 100. Ògiri jẹ́ 48×24, ó wà ní y = 123. Mo fi ojú wọ̀n ọ́n ni, wọ́n kan ara wọn nínú ẹ́dítọ̀.

Kóòdù Owé

Wọn kò kan ara wọn. `Centered` wà lára `Sprite2D` láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà y = 100 yẹn ni àárín òrùlé, kì í ṣe orí rẹ̀. Ìdajì 21 jẹ́ 10.5. Ìsàlẹ̀ òrùlé wà ní 110.5. Ìdajì 24 jẹ́ 12, orí ògiri wà ní 111. Ìdajì píksẹ́lì ló ṣí sílẹ̀. Nínú fèrèsé kékeré, ààlà òrùlé bọ́ sí àárín píksẹ́lì gan-an, ó lè bọ́ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, o lè máà rí i. Ní ìlọ́po 4, ìdajì yẹn di píksẹ́lì sikirínì 2 gbáko, ẹ̀yìn sì yọjú.

Yọ àmì kúrò lára `Centered` fún méjèèjì. Fi òrùlé sí y = 90, yóò parí ní 111. Fi ògiri sí y = 111. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí gbogbo àwòrán tí ìbú tàbí òró rẹ̀ kò bá ṣeé pín sí méjì. Ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń fi ojú wọ̀n píksẹ́lì.

Ọmọ Ìyàrà

😂 Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Ó ti kan ara wọn.

Ará Lọ́kọ́ja

Mo ti ń kà á bọ̀ láti òkè, ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó sọ èyí tó rọrùn jù. Sọ `Stretch > Mode` di `viewport`, sọ `Scale Mode` di `integer`, kí o lọ sùn. Pẹ̀lú `viewport`, gbogbo gémù ni wọ́n á kọ́kọ́ yà sórí 320×180 gidi, kí wọ́n tó wá fẹ̀ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí àwòrán kan ṣoṣo. Níbo ni ìlà yóò ti ráyè wọlé láàárín táìlì nígbà náà?

Kóòdù Owé

Ti `integer` yẹn, mo fara mọ́ ọn. Òun ni oògùn ojú tó ń sanra. Ọmọ Ìyàrà, pín in wò: 1366 sí 320 jẹ́ 4.27, 768 sí 180 náà jẹ́ 4.27. Píksẹ́lì àwòrán kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ píksẹ́lì sikirínì 4.27, bẹ́ẹ̀ sikirínì kò ní ìdá kankan láti fún un. Àwọn kan gba 4, àwọn kan gba 5. Ojú tó bọ́ sí 5 ló sanra. Bí ọmọ náà bá ṣí ẹsẹ̀, ẹlòmíràn ló máa gba 5. Bí o bá fi `integer` sí i, 4 ni gbogbo wọn yóò gbà. Gémù á jẹ́ 1280×720 láàárín sikirínì, dúdú 43 á kù sí ọ̀tún àti òsì, 24 sí òkè àti ìsàlẹ̀. Láti Godot 4.2 ni sẹ́tìnì yẹn ti wà, bí tìẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ sẹ́yìn o kò ní rí i.

Ti fóònù, 720 sí 180 jẹ́ 4 gééré. Ìyẹn ni ojú ọmọ náà kò fi sanra níbẹ̀, tí ìlà koríko sì wà síbẹ̀. Kì í ṣe ìlọ́po ló fa ìlà yẹn, ibi tí kámẹ́rà dúró sí ni.

Ti `viewport` ni n kò fara mọ́ tán. Ó ń bo ìlà tó wà láàárín táìlì mọ́lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ṣíìtì kò bá ní ìgbátí, àwọ̀ ṣì lè jò nínú 320×180 yẹn. Ìlà rẹ̀ á wá nípọn ní píksẹ́lì sikirínì 4.

Ará Lọ́kọ́ja

Pẹ̀lú kámẹ́rà tó dúró sí odidi, kò lè jò. Èmi ti ṣe gémù bẹ́ẹ̀, kò jò.

Kóòdù Owé

Pẹ̀lú kámẹ́rà tó dúró sí odidi, o sọ òótọ́. Iye ènìyàn tó ń rántí ìyẹn ni n kò mọ̀. Ọmọ Ìyàrà, bóyá `viewport` lo yàn tàbí `canvas_items`, pa `Position Smoothing` lára kámẹ́rà, kí o fi èyí sí i:

```gdscript
extends Camera2D
@export var omo: Node2D

func _physics_process(_delta):
	global_position = omo.global_position.round()
```

Kámẹ́rà má jẹ́ ọmọ abẹ́ nóòdù ọmọ náà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa gbọ̀n tẹ̀lé e. Bí sipuráìtì ọmọ náà bá wá ń gbọ̀n rìrì nígbà tí ilẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, ìyẹn ni pé kámẹ́rà wà ní odidi, òun kò sí ní odidi. Jẹ́ kí ara rẹ̀ máa rìn bó ṣe fẹ́, kí o `round()` ibi tí sipuráìtì nìkan wà.

Ayàwòrán Mọ̀pà

Ẹ dákun, ẹ má tíì gba `viewport` o. Mo ní ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀.

Mo ya lẹ́tà Yorùbá fún gémù kan tó wà ní 320×180 irú èyí. Ojú mi rí màbo. Lẹ́tà Òyìnbó lè gba òró píksẹ́lì 8, kó sì ṣeé kà. Tiwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Mú Ẹ́ ńlá: ara lẹ́tà 7, àyè 1, àmì òkè 2, àyè 1, àmì ìsàlẹ̀ 1. Méjìlá nìyẹn, a kò tíì fi àlàfo sáàárín ìlà ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá rọ́ ọ wọ 8, àmì ohùn yóò lẹ̀ mọ́ lẹ́tà, àmì abẹ́ yóò kan orí ìlà ìsàlẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò mọ ọkọ̀ yàtọ̀ sí ọkọ́. Ní `viewport`, gbogbo ọ̀rọ̀ inú gémù ni yóò wọ inú 320×180 yẹn. Ní `canvas_items`, fọ́ńtì gidi ni sikirínì máa fi píksẹ́lì tirẹ̀ yà, àmì yóò sì mọ́.

Ọmọ Ìyàrà

Àǹtí, ẹ ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú gémù mi, àwọn àgbàlagbà tó ń bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, Yorùbá ni gbogbo rẹ̀.

Ará Lọ́kọ́ja

Ìyẹn náà ní ọ̀nà. Fi gémù nìkan sínú `SubViewport`, kí o fi ọ̀rọ̀ síta. `SubViewportContainer` ni wàá fi gbé e, ṣí `Stretch` rẹ̀, fi `Stretch Shrink` sí 4. Wàá wá sọ ìtóbi iṣẹ́ náà di 1280×720. Inú rẹ̀ á jẹ́ 320×180, ọ̀rọ̀ tó wà níta á ní 1280×720 láti fi ya àmì ohùn bó ṣe wù ú.

Yàgbà Kékeré

Ṣé `CanvasLayer` kò tó fún ọ̀rọ̀ ni? Òun ni mo máa ń lò.

Ará Lọ́kọ́ja

Nínú `viewport`, `CanvasLayer` náà wà nínú 320×180. Kámẹ́rà ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò bọ́ lọ́wọ́ ìtóbi.

Kóòdù Owé

Ọ̀nà Ará Lọ́kọ́ja ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó kù sí. Ìtóbi iṣẹ́ ti di 1280×720. Lórí láptọ̀ọ̀pù 1366×768 àti fóònù 1600×720, `integer` á fún un ní 1, ohun gbogbo dára. Gbé e sórí sikirínì 1920×1080: 1080 sí 720 jẹ́ 1.5, `integer` á sọ ọ́ di 1, gémù á wà láàárín, dúdú 320 sí ọ̀tún àti 320 sí òsì. Bẹ́ẹ̀ 320×180 ìbẹ̀rẹ̀ ì bá wọ ibẹ̀ ní ìlọ́po 6 gééré láìṣẹ́ku. Àfi kó o fi kóòdù yí `stretch_shrink` àti ìtóbi náà padà bí sikirínì bá ṣe rí.

Fún ìwọ tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú gémù rẹ, bó bá jẹ́ èmi, `canvas_items` pẹ̀lú `integer`, ìgbátí lára ṣíìtì, kámẹ́rà ní odidi. Ó tó.

Ará Lọ́kọ́ja

Títí ọmọ náà yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí bírí. Ní `canvas_items`, bó bá yí, píksẹ́lì rẹ̀ á máa dúró ní ìgun lórí ilẹ̀ tí píksẹ́lì rẹ̀ tò gún régé. Ó ń ba ojú jẹ́. Ní `viewport`, gbogbo rẹ̀ á tò bákan náà. Kálukú ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ lè gbà.

Ọmọ Ìyàrà

Mo ti fi ti Kóòdù Owé ṣe é ná, ọmọ mi kì í yí bírí. Bó ṣe rí báyìí: láptọ̀ọ̀pù, ojú méjèèjì dọ́gba, kò sí ìlà. Fóònù, kò sí ìlà. Orí ilé kan ògiri.

Ohun kan ló ń dà mí láàmú. Lórí fóònù, dúdú 160 ló wà ní ọ̀tún, 160 ní òsì. Ẹni tí mo fi hàn bi mí pé ṣé gémù náà kò tíì parí ni.

Kóòdù Owé

`Aspect: expand` yóò kún un. Fóònù yẹn á máa rí 400×180 dípò 320×180, nítorí 1600 sí 4 jẹ́ 400. Ìyẹn dára fún un. Àmọ́ láptọ̀ọ̀pù 1366 sí 4 jẹ́ 341.5, kì í ṣe odidi. Mi ò tíì dán `expand` àti `integer` wò pọ̀ lórí irú sikirínì bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ purọ́ fún ẹ. Bí àárín kámẹ́rà bá bọ́ sí ìdá, wàá mọ̀ ọ́n lójú ọmọ náà: yóò tún sanra ní apá kan. Tún rántí pé ẹni tó ní fóònù gbọọrọ á máa rí màlúù kí ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tó rí i.

Oníṣọ́ọ̀bù Fóònù

Àbúrò, dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ya aṣọ òfì sí i.

Ayàwòrán Mọ̀pà

Ẹ wo ẹ̀gbọ́n tó ní ká pààrọ̀ sikirínì! Èmi á yà á. Ọmọ Ìyàrà, ìbú 160, òró 720, àbí? Ṣé kí n yà á ní 40×180, kí ìwọ fẹ̀ ẹ́ ní ìlọ́po 4, kó lè bá ti inú gémù mu?

Ọmọ Ìyàrà

Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí, 40×180. Ẹ fi ránṣẹ́ bí fáìlì o, kì í ṣe bí fọ́tò.

Ọmọ Ìsánlú

Ẹ̀yin àgbà, tèmi ti mọ́ lójú bí mo bá yí fóònù. Ṣùgbọ́n nínú bùráúsà kan ìlà ṣì ń yọ láàárín táìlì, nínú bùráúsà kejì kò sí, kóòdù kan náà ni. `n` jẹ́ odidi.

Kóòdù Owé

Ibi tí o ń ya táìlì sí ńkọ́? Bí kámẹ́rà rẹ bá ń fún `drawImage` ní 68.3, bùráúsà kọ̀ọ̀kan ní bó ṣe ń ṣe etí rẹ̀. Fi `Math.round` sí x àti y kámẹ́rà kó o tó fi kún ti táìlì. Bí kò bá lọ, gbé kóòdù ibi tí o ti ń yà á wá síbí, ká wò ó.